Omi inú páìpù iyanrìn: ìṣirò mi ní 28, ife mi ń gba 140

ỌmọLáàbù
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Mo ní páìpù iyanrìn kan tó dúró ṣánṣán, fífẹ̀ inú rẹ̀ 10 sẹ̀ǹtímítà, iyanrìn inú rẹ̀ ga ní 50. Omi dúró lórí iyanrìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àlékún ń gbà dànù, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí omi òkè yẹn lọ sókè tàbí wálẹ̀. Omi ń gba ìsàlẹ̀ jáde sínú họ́ọ̀sì, mo wá gbé ẹnu họ́ọ̀sì yẹn sókè, ó ń dà sínú ife láti ibi tó fi 20 sẹ̀ǹtímítà ga ju ìdí iyanrìn lọ. K iyanrìn yẹn, ìyẹn bí omi ṣe ń rọrùn kọjá nínú rẹ̀ tó, wọ́n kọ ọ́ síwèé fún wa, 0.03 cm/s. Mo ní 30 lókè, 20 nísàlẹ̀, ìyàtọ̀ 10, mo fi 50 pín in, gbogbo ẹ̀ já sí nǹkan bíi mílílítà 28 ní ìṣẹ́jú kan. Ife ń gba 140. Ṣé K tí wọ́n fún wa ni kò dáa ni àbí kí ló ṣẹlẹ̀?

BàbáKọnkéré
K ni jàre. Iyanrìn tí wọ́n wọn fún yín àti èyí tó wà nínú páìpù yẹn lè má jọra, tàbí kó jẹ́ pé ẹ kò kì í dáadáa. Ṣe ìṣirò yẹn látẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, fi 140 rẹ sí i, wàá rí K bíi 0.15, iyanrìn tó bá rí hóró hóró díẹ̀ máa ń ní irú K bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ya ni lẹ́nu níbẹ̀. Kọ 0.15 sílẹ̀ kí o sọ fún ọ̀gá yín pé ìwé wọn kò tọ̀nà.

ÀǹtíKàǹga
Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan K yẹn o. Ọ̀rọ̀ wà nínú 10 tí o pè ní ìyàtọ̀ yẹn. 30 yẹn, láti ojú iyanrìn lo ti wọ̀n ọ́n. 20 yẹn, láti ìdí iyanrìn. Ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn méjèèjì kò jọra, o ò wá lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Mú rúlà kan ṣoṣo, fi òdo rẹ̀ sí ìdí iyanrìn, má sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Ojú omi òkè wà níbo lórí rúlà yẹn? Iyanrìn 50, omi 30 lórí rẹ̀, ó di 80. Ẹnu họ́ọ̀sì wà ní 20. Ìyàtọ̀ hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìyàtọ̀ gíga omi méjèèjì lórí rúlà kan náà, jẹ́ 60, kì í ṣe 10.

Ṣe é báyìí, Q ni omi tó ń jáde, A ni fífẹ̀ ojú iyanrìn, h ni ìyàtọ̀ hẹ́ẹ̀dì, L ni gíga iyanrìn:

```
Q = K * A * h / L
A = 78.5 cm2
Q = 0.03 * 78.5 * 60 / 50 = 2.83 cm3/s
2.83 * 60 = 170 ml ní ìṣẹ́jú kan
```

Tó o bá ṣì ń ṣiyèméjì, gbé ẹnu họ́ọ̀sì lọ sí 30 kí o wò ó. Bí o ṣe ń ṣírò tẹ́lẹ̀, 30 yọ 30 kò sẹ́ku nǹkan kan, omi yẹ kó dúró nìyẹn. Kò ní dúró. Ìgbà tí ẹnu họ́ọ̀sì bá tó 80, tó bá ojú omi òkè dọ́gba, ìgbà yẹn ló máa tó dúró.

BàbáKọnkéré
Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò gbà pátápátá. Présọ̀ ló ń ti omi, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, omi á kúrò níbi tí présọ̀ ti pọ̀ lọ síbi tó kéré. Présọ̀ ojú iyanrìn jẹ́ ti omi 30, ti ìdí iyanrìn jẹ́ ti omi 20. Ìyàtọ̀ présọ̀ jẹ́ 10. Ibo lẹ ti wá rí 60?

ÀǹtíKàǹga
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo garawa omi tó jókòó jẹ́ẹ́ nílẹ̀. Présọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ju tòkè lọ dáadáa, ṣé omi ìsàlẹ̀ wá ń sáré lọ sókè? Kò lọ. Ìwúwo omi fúnra ẹ̀ ń fà á wálẹ̀, présọ̀ ń tì í sókè, méjèèjì pa ara wọn. Nínú páìpù tó dúró ṣánṣán, omi tó wà lójú iyanrìn ní présọ̀ 30, ó tún fi 50 ga ju ìdí iyanrìn lọ, gíga yẹn wà lára ohun tó ń gbé e rìn. Ká ní páìpù yẹn sùn gbalaja nílẹ̀ ni, présọ̀ nìkan ì bá tó, ọ̀rọ̀ yín ì bá sì jẹ́ òótọ́ gbọnyingbọnyin. Àmọ́ ó dúró ni.

TíṣàFísíìsì
Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un nítorí ohun tí àǹtí sọ yìí gan-an ló wà nínú ohun tí Henry Darcy kọ ní 1856. Ní ilé ìwòsàn kan ní Dijon, lórílẹ̀-èdè Faransé, ni wọ́n gbé páìpù irin rẹ̀ nàró sí, fífẹ̀ inú rẹ̀ 35 sẹ̀ǹtímítà, iyanrìn odò Saône ni wọ́n kó sínú rẹ̀, mànómítà tó ní mẹ́kúrì, tí wọ́n fi ń wọn présọ̀, wà lókè àti nísàlẹ̀. Omi ilé ìwòsàn yẹn ni wọ́n ń lò, tí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ omi tàbí tí wọ́n tì í nínú ilé, mànómítà á máa gbọ̀n. Fọ́múlà tó kọ nìyí:

`q = k (s/e) (h + e ∓ h0)`

Ẹ wo `e` tó wà nínú àkámọ́ yẹn. Gíga iyanrìn fúnra ẹ̀ ni, ó fi kún `h`, omi tó wà lórí iyanrìn; `h0` ni présọ̀ abẹ́ iyanrìn. Ẹ fi ti ọmọ yìí sí i, 30 àti 50, kí ẹ yọ 20, ó di 60. Àmì méjì tó wà níwájú `h0` yẹn sì nídìí. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, Ritter tó ń bá a ṣiṣẹ́ tún un ṣe, ó ń yí présọ̀ abẹ́ iyanrìn padà, ìgbà míì á ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ, ìgbà míì á kéré sí i, síbẹ̀ omi tó ń jáde ń tẹ̀lé ìyàtọ̀ àpapọ̀ yẹn náà ni. Ẹni bá fo `e` yẹn, ó ti yọ iyanrìn kúrò nínú ìṣirò iyanrìn nìyẹn.

ỌmọLáàbù
Ẹ ṣeun gan-an. Mo gbé ẹnu họ́ọ̀sì lọ sí 30 lóòótọ́, omi ò dúró, ó ń gba 116. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì kù o, 170 ni ìṣirò tuntun sọ, 140 ni mò ń gbà. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, 140 náà ni. 30 tó kù yẹn gba ibo lọ?

BàbáKọnkéré
Ní tèyí, afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ kéékèèké há sáàárín hóró iyanrìn, ó dí ọ̀nà mọ́ omi lọ́wọ́, K á wálẹ̀. Ṣé ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú páìpù kí ẹ tó da omi lé e lórí? Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi á yá ju afẹ́fẹ́ lọ, á sì sé e mọ́ inú.

ỌmọLáàbù
Bẹ́ẹ̀ ni, iyanrìn gbígbẹ la kọ́kọ́ dà, la wá rọ omi láti òkè.

BàbáKọnkéré
Àní mo sọ. Yí i padà, jẹ́ kí omi gba ìsàlẹ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ á jáde lókè.

ÀǹtíKàǹga
Ìyẹn dáa o ẹ̀gbọ́n, bó ṣe yẹ kéèyàn máa kún páìpù iyanrìn nìyẹn, láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò, rọra ṣe é, wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́. Tí omi bá ń gòkè, tí ìyàtọ̀ hẹ́ẹ̀dì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga iyanrìn fúnra ẹ̀, tìẹ jẹ́ bíi 50, iyanrìn á dà bíi pé kò wúwo mọ́, á máa hó, á gbéra, gbogbo kíkì tí ẹ kì í á bàjẹ́, K tí wọ́n kọ fún yín kò ní bá a mu mọ́. Má jẹ́ kó ju 10 tàbí 15 lọ nígbà tí o bá ń kún un.

Ṣùgbọ́n kó o tó tú nǹkan kan, a ò tíì mọ̀ bóyá inú iyanrìn lọ̀rọ̀ wà. Hẹ́ẹ̀dì 60 yẹn, láti ojú omi òkè dé ẹnu họ́ọ̀sì la ti wọ̀n ọ́n, iyanrìn nìkan kọ́ ló wà lójú ọ̀nà. Nẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀, ihò ìjáde wà, họ́ọ̀sì wà. Olúkúlùkù wọn á jẹ lára 60 yẹn.

ẸnjiníàKékeré
Ó rọrùn láti mọ̀. Gbé ẹnu họ́ọ̀sì lọ sí 50. Ìyàtọ̀ á di 30, ìdajì ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Tí omi bá di ìdajì gẹ́lẹ́, a jẹ́ pé iyanrìn nìkan ló ń jẹ hẹ́ẹ̀dì, torí iyanrìn ló ń tẹ̀lé Darcy, họ́ọ̀sì kì í tẹ̀lé e. Tí kò bá di ìdajì, họ́ọ̀sì ló ń dá a rú.

ỌmọLáàbù
Mo ṣe é báyìí, ó gba 70. Ìdajì gẹ́lẹ́. Iyanrìn nìkan nìyẹn, àbí?

ÀǹtíKàǹga
Rárá o, àyẹ̀wò yẹn kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà, ohun tí o sọ máa jẹ́ òótọ́ tó bá jẹ́ páìpù ńlá tí omi ń sáré ya nínú rẹ̀. Họ́ọ̀sì kékeré tí omi ń rọra kọjá nínú rẹ̀, tí kò rú, ohun tó ń jẹ náà máa ń di ìdajì tí omi bá di ìdajì. Nítorí náà iyanrìn di ìdajì, họ́ọ̀sì di ìdajì, àpapọ̀ wọn di ìdajì. 70 yẹn fi hàn wá pé omi ò yá jù nínú iyanrìn, Darcy ṣì ń ṣiṣẹ́, ìyẹn dáa. Kò fi ẹni tó ń jẹ hẹ́ẹ̀dì hàn.

Ohun tó máa fi hàn ni kó o wo inú iyanrìn fúnra ẹ̀. Àwọn páìpù láàbù sábà máa ń ní ihò kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi rọ́bà dí. Ṣé tiyín ní?

ỌmọLáàbù
Ó ní o! Méjì. Ọ̀kan wà ní 10 sókè ìdí iyanrìn, èkejì ní 40.

ÀǹtíKàǹga
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fi rọ́bà tín-ín-rín tó mọ́ kedere sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi nẹ́ẹ̀tì kékeré dí ẹnu tó wọnú kí iyanrìn má bàa tú jáde, kí o wá na rọ́bà náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Omi á gòkè nínú rẹ̀ á sì dúró níbì kan. Gbá rọ́bà yẹn níka díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ bíńtín nínú rẹ̀ lè purọ́ sẹ̀ǹtímítà méjì mẹ́ta fún ọ. Dá ẹnu họ́ọ̀sì padà sí 20, ní sùúrù kó jókòó, kí o ka ibi tí omi dúró sí lórí rúlà kan náà, tí òdo rẹ̀ wà ní ìdí iyanrìn.

Kó o tó kà á, jẹ́ n sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tó bá jẹ́ iyanrìn ló jẹ gbogbo 60. Sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan iyanrìn á jẹ 1.2. Omi inú rọ́bà tó wà ní ihò 40 á dúró ní 68, ti ihò 10 á dúró ní 32.

MàmáÌbejì
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Tèmi náà fẹ́ jọ èyí. Mo ní dúróòmù tí mo kó iyanrìn sí láti fi sẹ́ omi kànga wa, ó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, ní báyìí ó ń kán tó tó tó. Mo ti fẹ́ ra iyanrìn sí i kí n fi kún un kó lè ní agbára. Ṣé ó máa yá sí i?

ÀǹtíKàǹga
Màmá, ẹ má fi kún un. Iyanrìn tó bá pọ̀ sí i, ọ̀nà omi gùn sí i nìyẹn, omi á tún kéré sí i. Tiyín yàtọ̀ sí ti ọmọ yìí, K iyanrìn yín kọ́ ló yí padà látòkè délẹ̀. Ìdọ̀tí inú omi kànga àti ewé omi tí a kì í fojú rí ló dì sójú iyanrìn, ó di awọ tín-ín-rín, awọ yẹn nìkan ló ń jẹ gbogbo hẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ jẹ́ kí omi wálẹ̀ díẹ̀ sábẹ́ ojú iyanrìn, kí ẹ ha sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì kúrò lókè, kí ẹ tún omi dà sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ha á, ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó fi ọkàn tán omi rẹ̀, awọ yẹn wà lára ohun tó ń sẹ́ kòkòrò, nítorí náà ẹ máa se omi náà ní gbogbo ìgbà yẹn.

MàmáÌbejì
Ẹ ṣé mà, màá ha á lónìí.

ỌmọLáàbù
Mo ti kà á. Ó pẹ́ díẹ̀ kí rọ́bà ìsàlẹ̀ tó dúró torí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Rọ́bà 40 dúró ní 70. Rọ́bà 10 dúró ní 40. Kò sí èyí tó bá tẹ̀yin mu, méjèèjì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÀǹtíKàǹga
Ó dùn mọ́ mi, nítorí ó ti sọ̀rọ̀. Láàárín rọ́bà méjèèjì iyanrìn 30 sẹ̀ǹtímítà ló wà, hẹ́ẹ̀dì tó sì jẹ jẹ́ 70 yọ 40, ìyẹn 30. Sẹ̀ǹtímítà kan iyanrìn ń jẹ sẹ̀ǹtímítà kan hẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe 1.2. Fi K tí wọ́n fún yín ṣe é:

```
Q = 0.03 * 78.5 * 30 / 30 = 2.36 cm3/s
2.36 * 60 = 141 ml ní ìṣẹ́jú kan
```

Ife rẹ ń gba 140. K yín dáa.

Wàyí o, tẹ̀lé omi láti òkè wá. Hẹ́ẹ̀dì ojú iyanrìn jẹ́ 80. Láti ibẹ̀ dé rọ́bà 40, iyanrìn 10, ó jẹ 10, ó kù 70, ohun tí o kà gẹ́lẹ́ nìyẹn, a jẹ́ pé òkè kò ní wàhálà, kò sí awọ kankan bíi ti màmá. Láti rọ́bà 10 dé ìdí iyanrìn, á jẹ 10 mìíràn, 40 á di 30. Ẹnu họ́ọ̀sì sì wà ní 20. Sẹ̀ǹtímítà 10 ló sọnù láàárín ìdí iyanrìn àti ẹnu họ́ọ̀sì. Iyanrìn rí 50 lò, kò rí 60. Irú họ́ọ̀sì wo ni?

ỌmọLáàbù
Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa dírípù ni, èyí tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Fífẹ̀ inú rẹ̀ bíi mílímítà 3, gígùn rẹ̀ bíi 70 sẹ̀ǹtímítà.

ÀǹtíKàǹga
Háà, ó rí báyìí. Omi bíi 2.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú rọ́bà mílímítà 3 tó gùn tó bẹ́ẹ̀, òun nìkan á jẹ bíi 8 nínú 10 yẹn. Tó bá jẹ́ mílímítà 6 ni, gígùn kan náà, omi kan náà, kò ní tó 1. Fífẹ̀ inú họ́ọ̀sì tó bá di ìlọ́po méjì, ohun tó ń jẹ á kéré ní ìlọ́po 16. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fojú kékeré wo họ́ọ̀sì. Èyí tó kù, màá fura sí nẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀.

ẸnjiníàKékeré
Àǹtí, tí ó bá jẹ́ pé rọ́bà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè sọ gbogbo èyí, kí la tún ń wọn ojú omi òkè àti ẹnu họ́ọ̀sì fún?

ÀǹtíKàǹga
Ojú omi òkè àti ẹnu họ́ọ̀sì ni o fi ń pinnu bí omi ṣe máa yá tó. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ lo fi ń mọ èyí tí iyanrìn gbà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ K lo ń wá, ti rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ni kó o lò. Ká ní ọmọ yìí fi 60 àti 140 wá K ni, ì bá rí 0.025, ó máa ní iyanrìn lòun wọ̀n, iyanrìn àti rọ́bà dírípù ló sì wọ̀n pọ̀.

ỌmọLáàbù
Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ sí họ́ọ̀sì mílímítà 12. Ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní 20. Rọ́bà 40 ń ka 68.5, rọ́bà 10 ń ka 34, ife ń gba 162.

ÀǹtíKàǹga
Ó tayọ. 34.5 lórí iyanrìn 30, 1.15 fún sẹ̀ǹtímítà kan, ìṣirò á fún ọ ní 163. Hẹ́ẹ̀dì ìdí iyanrìn jẹ́ 22.5, ohun tó kù láàárín ibẹ̀ àti ẹnu họ́ọ̀sì jẹ́ 2.5, nẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ ìyẹn nítorí họ́ọ̀sì tuntun kò jẹ nǹkan kan tó ṣeé kà. Tí o bá tú páìpù yẹn lọ́jọ́ kan, wo nẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa, ìyẹ̀fun iyanrìn sábà máa ń wálẹ̀ lọ dí ojú rẹ̀. Tó bá jẹ́ 2.5 yẹn ń di 3, ó ń di 4 bí ọjọ́ ṣe ń lọ, wàá mọ̀ pé òun ni.

BàbáKọnkéré
Mo gbà fún yín lórí họ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ o. Ọmọ mi, omi tí ẹ ń lò, báwo ló ṣe gbóná tó?

ỌmọLáàbù
28 dígírì.

BàbáKọnkéré
Ẹ̀n-ẹ́n. Níbi tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ kí a tó da ìpìlẹ̀, K tí wọ́n ń kọ síwèé, omi 20 dígírì ni wọ́n máa ń dá a padà sí. Omi 28 ṣàn ju omi 20 lọ, ó fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, K á fi bíi ìdá márùn-ún kan lé sí i. Tó bá jẹ́ 0.03 yẹn jẹ́ ti 20 dígírì, iyanrìn yín yẹ kó máa ṣe bíi 0.036 lónìí. 0.03 ló ń ṣe. Kí ló jẹ èyí tó kù? Mo ní afẹ́fẹ́ ni.

ÀǹtíKàǹga
Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ ẹ̀gbọ́n, mi ò sì ní jiyàn rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti 20, nǹkan kan wà nínú iyanrìn yẹn lóòótọ́, afẹ́fẹ́ tàbí pé wọ́n kì í le ju ti ẹni tó wọ̀n ọ́n lọ. Tó bá jẹ́ ti 28, kò sí nǹkan kan. Àbúrò, kí ni ìwé yẹn sọ nípa ìgbóná omi?

ỌmọLáàbù
Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. K àti orúkọ iyanrìn nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wọ̀n ọ́n kò sí lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

BàbáKọnkéré
Kó o tó rí i, kún páìpù yẹn láti ìsàlẹ̀ bí àǹtí ṣe sọ, rọra ṣe é, kí o sì tún rọ́bà méjèèjì kà. Ohun tí rọ́bà méjèèjì bá sọ, pẹ̀lú omi tí ife bá gbà, fi wọ́n wá K. Tó bá kúrò ní 0.03 tó ń lọ sókè, mo ti jàre nìyẹn.

ÀǹtíKàǹga
Kí o kọ bí omi ṣe gbóná tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o.